Ẹgbẹ̀rún Lọ́nà Àádọ́… Kí Ni? Ohun Tí Ó Ń Jẹ Ìparí Ọ̀rọ̀ Wa Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ní Addo, lójú ọ̀nà tí ó ti Ajah lọ sí Badore, àwọn olùgbé òpópónà kan dá owó tiransifọ́mà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà ni ó kan ilé kọ̀ọ̀kan. Arábìnrin kan tí mo máa ń pè ní ẹ̀gbọ́n, tí ó ń gbé ní òpópónà náà, pe àbúrò rẹ̀ tí ó wà ní Peckham, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, lórí WhatsApp, ó sì sọ iye owó náà fún un. Àbúrò dá a lóhùn pé, “Ẹ má ṣe ìyọnu, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ óò rí i kí ilẹ̀ tó ṣú.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, owó dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ni. Ẹ̀gbọ́n rò pé àbúrò fẹ́ kí òun fi ogún kún un ni. Kò béèrè, ó yá ogún lọ́wọ́ aládùúgbò, ó sì di ọ̀rọ̀ náà sínú. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọn kò fi kí ara wọn dáadáa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí mi, àbúrò ti ń búra pé àádọ́ta ni òun gbọ́.

Mo gbà á gbọ́. Ẹ ka iye wọ̀nyí sókè kí ẹ gbọ́ ọ: àádọ́ta, àádọ́rin, àádọ́rùn-ún, àádọ́fà, àádọ́jọ, àádọ́sàn-án. Gbogbo wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ bákan náà. Ìparí ni ìyàtọ̀ wà, ìparí náà kò sì ju ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá lọ lẹ́nu ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ bí ó ti máa ń sọ ọ́. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá jẹ ìparí yẹn, ohun tí ó kù létí ni “ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́…”, etí yóò sì fi èyí tí ó bá rò pé ó yẹ parí rẹ̀. Ẹni tí ó ń retí owó kékeré yóò gbọ́ owó kékeré.

Ohun tí ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí ni ìmọ̀ràn tí ẹ̀gbọ́n gbà lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó ta ráútà fún un ní kí ó fi owó kún owó, kí ó kúrò lórí mẹ́gábíìtì 20 bọ́ sí 50. Ìmọ̀ràn tí à ń fún ara wa káàkiri nìyẹn: bí ìpè bá ń gé, ra íńtánẹ́ẹ̀tì tí ó yára jù. Èrò tèmi ni pé ìmọ̀ràn náà kò bá àrùn mu, a sì lè fi ìṣirò hàn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ohùn wa kì í lọ gbọọrọ bí omi inú páìpù. Fóònù a máa gé e sí wẹ́wẹ́, a di ègé kọ̀ọ̀kan ní ìdì, a kọ nọ́ńbà àti àdírẹ́sì sí i lára, a sì jù ú sójú ọ̀nà. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ìpín kan ni mílíìsẹ́kọ́ǹdì kan. Ègé ohùn tí ó wà nínú ìdì kan sábà máa ń jẹ́ mílíìsẹ́kọ́ǹdì 20, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìdì 50 ni ó ń jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kódẹ́ẹ̀kì ni orúkọ ètò tí ó ń sọ ohùn di nọ́ńbà kí a tó dì í, tí ó sì ń sọ nọ́ńbà padà di ohùn ní òdìkejì. Kódẹ́ẹ̀kì tí ó ti pẹ́ jù tí a sì ń lò títí di òní ni G.711, tí àjọ ITU fi ọwọ́ sí ní 1972. Ègé ohùn kan nínú rẹ̀ jẹ́ báìtì 160. Àdírẹ́sì àti nọ́ńbà tí a lẹ̀ mọ́ ọn jẹ́ 40, àpapọ̀ 200. Ẹ fi 50 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi 8 sọ ọ́ di púpọ̀ nítorí pé bíìtì mẹ́jọ ni ó wà nínú báìtì kan, ẹ óò rí kílóbíìtì 80 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mẹ́gábíìtì 20 lè gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ 250 lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpè kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n ń pè. Àyè kọ́ ni ó wọ́n.

Ohun tí ó wọ́n ni kí àwọn ìdì náà dé déédéé. Ẹni tí ó bá mọ òpópónà Lekki sí Epe yóò tètè lóye èyí. Ká ní danfó mẹ́wàá kúrò ní Obalende, ìṣẹ́jú méjì-méjì sí ara wọn. Bí wọ́n bá máa fi dé Ajah, mẹ́ta lè dé pọ̀, kí a má rí òmíràn fún ìdajì wákàtí, kí mẹ́rin sì tún ya wọlé lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ọkọ̀ tí ó sọnù, ọ̀nà náà sì fẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí ó dúró ní Ajah kò lè sọ ìgbà tí ọkọ̀ yóò dé. Àìdédéé àsìkò ìdé yìí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní jítà. Ohùn kò lè fara da á, nítorí pé etí nílò ìdì kan ní mílíìsẹ́kọ́ǹdì 20-20 láìyẹ̀.

Nítorí náà ni fóònù tí ó ń gba ohùn ṣe ní gáréèjì kékeré kan nínú. Kì í gbé ìdì jáde ní kété tí ó bá dé. Ó máa ń dá a dúró, bí ẹ wí mílíìsẹ́kọ́ǹdì 60, kí àwọn tí ó pẹ́ lè bá a, kí ó tó wá tú wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdì tí ó bá dé lẹ́yìn tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá, sísọnù ni a ó sọ ọ́ nù, bí ó tilẹ̀ dé ní pípé. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà méjì péré ni ó wà: bí gáréèjì bá kéré, ìdì tí ó pẹ́ yóò di ìdì tí ó sọnù, bí ó bá tóbi, a ó máa pẹ́ gbọ́ ara wa. ITU sọ nínú ìlànà rẹ̀ tí a ń pè ní G.114 pé ó dára kí ohùn má lò ju mílíìsẹ́kọ́ǹdì 150 lọ láti ẹnu dé etí. Bí ó bá fi púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwa méjèèjì yóò máa dá ọ̀rọ̀ mọ́ ara wa lẹ́nu, a ó sì rò pé ẹnì kejì kò ní sùúrù.

Nígbà tí ìdì bá sọnù, fóònù kì í fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ó máa ń purọ́ díẹ̀. G.711 ní àfikún kan tí ó ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é: ẹ̀rọ yóò wo ìró tí ó gbọ́ kẹ́yìn, yóò mú ìyípo kan nínú rẹ̀, yóò sì máa tún un sọ láti fi dí àlàfo náà. Lẹ́yìn mílíìsẹ́kọ́ǹdì 10 àkọ́kọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín ohùn náà kù. Nígbà tí ó bá di 60, yóò dákẹ́ pátápátá. Bí ó bá jẹ́ ìdì kan ni ó sọnù, etí kò ní mọ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà léraléra, gbogbo mílíìsẹ́kọ́ǹdì 120 ni ó lọ, ohun tí a ó sì gbọ́ ni fáwẹ́lì tí a fà gùn, tí ó ń dún bí irin, tí ó sì kú. Ohun tí ó ṣe “àádọ́rin” nìyẹn. Ẹ̀rọ gbọ́ “dọ́”, ó fa “ọ́” náà títí ó fi tán, “rin” kò sì dé.

Mo tún fẹ́ kí a wò ó dáadáa, nítorí pé ó kan èdè wa ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìyípo ìró tí ẹ̀rọ ń tún sọ yẹn gan-an ni ó gbé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ dání. Bí ẹ̀rọ bá tún un sọ bí ó ṣe wà, ohùn yóò dúró síbi tí ó wà, kò ní gòkè, kò ní sọ̀kalẹ̀. Ẹ mú “ọkọ̀ mi ti dé” yẹ̀ wò. Fáwẹ́lì kejì nínú “ọkọ̀” kì í bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Láti ìtòsí ohùn àárín ni ó ti ń rọ̀ sílẹ̀. Bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá dé, tí ìdì méjì tàbí mẹ́ta tí ó gbé ìsọ̀kalẹ̀ náà kò dé, ẹ̀rọ yóò fa ìbẹ̀rẹ̀ yẹn lọ gbọọrọ, ẹni tí ó ń gbọ́ yóò sì gbọ́ “ọkọ mi ti dé”. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ohùn tí kò sọ̀kalẹ̀ kì í sábà sọ ọ̀rọ̀ kan di òmíràn. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ̀ ti di ọkọ. Lóòótọ́, àyíká ọ̀rọ̀ sábà máa ń gbà wá: ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ mọ̀ bóyá mótò ni tàbí baálé ilé. Ṣùgbọ́n iye owó, orúkọ ènìyàn àti orúkọ òpópónà kò ní àyíká tí ó lè gbà wọ́n. (Gángan a máa fi ohùn nìkan sọ̀rọ̀ láìsí kọ́ńsónáǹtì kankan, a sì ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi gángan sọ nọ́ńbà àkáǹtì báńkì.)

Nígbà náà, ṣé a kò lè yan kódẹ́ẹ̀kì tí ó dára jù? A lè yàn án, ó sì ní ohun tí ó lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn ọ́fíìsì tí ó ń lo fóònù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n yan G.729 láti fi ṣọ́ dátà ná. Kílóbíìtì 8 ni ohùn inú rẹ̀ ń gbà, dípò 64 ti G.711. Ṣùgbọ́n báìtì 40 ti àdírẹ́sì kò dín kù, nítorí náà ìdì tí ó gbé báìtì 20 ti ohùn di 60, àpapọ̀ sì di kílóbíìtì 24. Aṣọ wá wúwo ju ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lọ. Èyí tí ó burú jù ni pé G.729 ń gbé ìró òní ka orí ìró àná: bí ìdì kan bá sọnù, àwọn tí ó tẹ̀ lé e yóò dún wọ́gọwọ̀gọ fún ìgbà díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó tún tò. G.711 kò ní àrùn yìí. Ìdì kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dá dúró. Ẹni tí ó ní mẹ́gábíìtì 20 tí ó ṣì ń lo G.729 ń ṣọ́ kọ́bọ̀ ná nígbà tí náírà ń jò.

Kódẹ́ẹ̀kì tí èmi yóò yàn bí ọ̀nà bá ń jò ni Opus, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2012. Ó ń gba ohùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè ju fóònù àtijọ́ lọ. Fóònù àtijọ́ kì í gba ohun tí ó bá kọjá 3,400 nínú ìwọ̀n hẹ́ẹ̀tìsì, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ìró “s” àti “f” wà lókè ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí “sá” àti “fá” fi ń jọra lórí rẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, Opus lè fi ẹ̀dà ìdì tí ó ṣáájú, ẹ̀dà tí kò fi bẹ́ẹ̀ dán, pamọ́ sínú ìdì tí ó tẹ̀ lé e. Bí ọ̀kan bá sọnù, èyí tí ó tẹ̀ lé e yóò gbé ẹ̀dà rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bí mẹ́fà bá sọnù léraléra, ìkeje kò ní ju ẹ̀dà ìkẹfà lọ lọ́wọ́. Márùn-ún ti lọ ráúráú. Ibi tí agbára kódẹ́ẹ̀kì pin sí nìyí. Ó lè wo ìjò ẹ̀kán-kán sàn, kò lè wo odò tí ó ya wọlé.

Níbo wá ni odò náà ti ń ya? Ọ̀pọ̀ ń nàka sí òkun, nítorí pé Peckham jìnnà. Òkun kọ́ ni ó jẹ̀bi lọ́jọ́ púpọ̀. Okùn abẹ́ òkun tí MainOne nà láti ilẹ̀ Pọtogí wá sí Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, gùn tó kìlómítà 7,000. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn irú èyí ń rin kìlómítà 200 láàárín mílíìsẹ́kọ́ǹdì kan, nítorí náà 35 péré ni ó ń lò lábẹ́ omi. Ẹ fi 20 kún un fún dídì ìdì, bí 15 fún ìrìn láti Pọtogí dé Lọ́ńdọ̀nù, àti 60 fún gáréèjì, ẹ óò rí 130. Ó ṣì kù 20 kí a tó dé 150. Mo gbà pé òkun ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́bàá etíkun Côte d’Ivoire: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Ohun tí ó yẹ kí ó gba inú mẹ́rin kọjá wá ń fún ara rẹ̀ mọ́ inú ìwọ̀nba tí ó kù, a sì gbọ́ ọ lórí gbogbo ìpè. Ṣùgbọ́n irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, ìpè ẹ̀gbọ́n sì ń gé ní alaalẹ́.

Alaalẹ́ ni mo ní kí ẹ fi ọkàn sí. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí gbogbo fóònù ilé bá ti rí ráútà, fọ́tò àti fídíò ọjọ́ náà a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ sí ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì fúnra wọn. Mẹ́gábíìtì 20 tí ẹ̀gbọ́n rà jẹ́ ti ohun tí ó ń wọlé. Èyí tí ó ń jáde kò ju 2 lọ, ohùn ẹ̀gbọ́n sì wà lára ohun tí ó ń jáde. Ká ní ráútà lè to kílóbáìtì 250 sórí ìlà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n nù. Kílóbáìtì 250 jẹ́ kílóbíìtì 2,000, ẹnu ọ̀nà tí ó ń gba 2,000 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò sì lo ìṣẹ́jú-àáyá kan gbáko láti kó wọn tán. Ìdì ohùn kékeré tí ó bá dé ẹ̀yìn ìlà yẹn yóò dúró fún ẹgbẹ̀rún mílíìsẹ́kọ́ǹdì kí ó tó jáde. Gáréèjì tí ó wà ní Peckham kò lè retí rẹ̀. Bí fídíò kan bá parí, ìlà yóò tú, ohùn yóò ya jáde wìtìwìtì. Òmíràn yóò bẹ̀rẹ̀, yóò tún dí. Jítà nìyẹn, inú pálọ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe é.

Etí lè ṣe ìwádìí yìí díẹ̀. Ohùn tí ó ń dún bí irin tàbí bí ti rọ́bọ́ọ̀tì fi hàn pé ìdì ń sọnù. Ọ̀rọ̀ tí ó dákẹ́ tí ó sì tún sáré tẹ̀ lé ara rẹ̀ jẹ́ àmì jítà. Bí ohùn bá ń wọlé láìgé, ṣùgbọ́n tí ó dà bí ẹni tí ó bo ẹnu, kódẹ́ẹ̀kì ni kí ẹ wò. Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà lè rí i kedere. Ẹ kọ àṣẹ yìí nígbà tí ilé dákẹ́, kí ẹ sì tún un kọ nígbà tí fídíò ń gòkè lọ:

```
ping -c 100 8.8.8.8
```

Lórí Windows, `-n` ni ẹ óò fi rọ́pò `-c`. Àṣẹ náà yóò ju ìdì ọgọ́rùn-ún síta, yóò sì ka iye tí ó padà àti ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lò. Lórí Linux, ìlà ìparí yóò rí báyìí bí ilé bá dákẹ́, àti bí ìlà bá dí:

```
rtt min/avg/max/mdev = 6.1/7.4/12.8/1.3 ms
rtt min/avg/max/mdev = 6.3/344.7/1012.6/291.5 ms
```

Àpẹẹrẹ ni mo fi àwọn nọ́ńbà yìí ṣe, ṣùgbọ́n bí ìyàtọ̀ ti máa ń rí nìyẹn. Ẹ má wo àárín nìkan. Ẹ wo bí èyí tí ó pẹ́ jù ti jìnnà sí èyí tí ó yá jù, àti nọ́ńbà ìkẹyìn, `mdev`, tí ó ń sọ bí wọ́n ti fọ́nká tó. Lókè ìlà yìí ni ẹ óò ti rí `packet loss`, iye tí ó sọnù. Bí nọ́ńbà bá dára nígbà tí ilé dákẹ́, tí ó sì bàjẹ́ nígbà tí fídíò ń lọ, inú ilé ni àìsàn wà. Bí ó bá burú nígbà méjèèjì, ẹ gbé kọ̀ǹpútà sún mọ́ ráútà kí ẹ tún un ṣe, bóyá ògiri ni. Bí ó bá ṣì burú, ẹ̀bi náà ti kúrò lọ́wọ́ yín. Àléébù ìdánwò yìí ni pé ìdì kan ni ó ń jù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń ju 50. Ìjò kúkúrú lè kọjá kí ó má rí i.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú àwọn aláṣẹ kò pọ̀. Àjọ NCC ti ń fi ìwọ̀n wo àwọn iléeṣẹ́ fóònù láti ọjọ́ pípẹ́. Lára ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni bóyá ìpè wọlé àti bóyá ó já lójijì. Ìpè tí ẹ̀gbọ́n pè lọ́jọ́ náà kò sí lábẹ́ ìwọ̀n yẹn, nítorí pé dátà ni. Ká tilẹ̀ ní ó wà níbẹ̀, ìpè tí ó yọrí ni ìwé ìbá kà á sí: ó wọlé, kò sì já títí wọ́n fi dágbére. “Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” tí wọ́n sọ ní ìgbà mẹ́jọ kò ní àyè nínú ìwé. Bí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe ti kó ọ̀rọ̀ wọn pẹ̀lú àwọn ará òkè òkun lọ sórí dátà, ó yẹ kí ẹni tí ó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì ilé kọ nọ́ńbà mẹ́ta mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́gábíìtì rẹ̀: iye tí ó ń jáde, jítà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, àti ìdá tí ó ń sọnù ní agbègbè tí ó ti ń tà á. Nọ́ńbà aago mẹ́ta òru kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní ìwọ̀n náà ń yí láti ilé sí ilé. Mẹ́gábíìtì náà ń yí láti ilé sí ilé, síbẹ̀ wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó.

Ẹ̀gbọ́n kò ra 50. Ọmọ rẹ̀ wọ inú ètò ráútà, níbi tí wọ́n kọ `QoS` sí, ó sì dín ohun tí ó ń jáde kù sí mẹ́gábíìtì 1.7, kí ìlà lè máa tò sínú ráútà tí ó lè ti ìdì kékeré ṣíwájú, dípò kí ó máa tò síbi tí ọwọ́ wọn kò tó. Ó tún sún ìpamọ́ fọ́tò sí aago méjì òru. Èyí ṣiṣẹ́ nítorí pé okùn ni íńtánẹ́ẹ̀tì wọn gbà wọlé. Ní ilé tí ó ń lo ráútà 4G, ohun tí ó ń jáde lè jẹ́ 3 láàárọ̀ kí ó di ìdajì mẹ́gábíìtì lálẹ́, kò sì sí nọ́ńbà kan tí a lè kọ síbẹ̀ tí yóò bá ìgbà gbogbo mu. Àbúrò ti fi ogún tí ó kù ránṣẹ́. Ìpè wọn kì í sábà gé mọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti owó, ẹ̀gbọ́n á ní, “Dúró ná, jẹ́ kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ,” yóò sì tẹ 70,000 pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.